Láti Ọjọ́ Àbẹ̀wò dé Fáìlì Ẹ̀rí: Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Fi Ìdàgbàsókè Iṣẹ́ Rẹ̀ Hàn fún Ìgbéga

Nígbà tí olùkọ́ bá kọ̀wé béèrè fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rí ni ìgbìmọ̀ tí yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí máa ń béèrè. Ìwé tí ó ti tẹ̀ jáde kò ṣòro láti kó kalẹ̀, nítorí ó ní àkọlé, ó ní ọdún, ó sì ní iye ojú ìwé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìkọ́ni, èyí tí a torí rẹ̀ gba olùkọ́ síṣẹ́ gan-an, a máa parẹ́ bí ohùn tí a fi ṣe é ti ń parẹ́. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ tọpasẹ̀ ọ̀nà tí àwọn tí ó ṣáájú wa gbà láti díwọ̀n iṣẹ́ náà, láti ayé owó ìrànwọ́ nílùú Èkó títí dé ayé fáìlì ẹ̀rí ìkọ́ni, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí póòtífólíò. Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tí ó ti pẹ́, tí ó sì tún ń farahàn nínú ọ̀pọ̀ fáìlì ìgbéga tí à ń kó kalẹ̀ lónìí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣìṣe náà ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1862, ìjọba ibẹ̀ gbé ìlànà tuntun kan jáde fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Robert Lowe, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nínú ìjọba nígbà náà, ni ó wà nídìí rẹ̀. Ìlànà náà so owó ìrànwọ́ mọ́ èsì ìdánwò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan lè mú ṣílè 12 wọlé fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dún: ṣílè 4 fún wíwá déédéé, ṣílè 8 yòókù sì wà lọ́wọ́ alábẹ̀wò tí ó ń bọ̀ wá dán àwọn ọmọ wò. Bí ọmọ bá kùnà nínú ìwé kíkà, wọn a yọ ṣílè 2 àti pẹ́nì 8. Bí ó bá kùnà nínú ìwé kíkọ, wọn a yọ iye kan náà. Bí ó bá tún kùnà nínú ìṣirò, ṣílè 8 ti tán pátápátá nìyẹn. Níwọ̀n bí owó oṣù ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti sinmi lé owó ìrànwọ́ yìí, ẹnu ọmọ ni oúnjẹ olùkọ́ ti ń jáde ní ọjọ́ àbẹ̀wò.

Kò pẹ́ tí àwọn olùkọ́ fi mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Wọ́n ń mú kí àwọn ọmọ há ìwé kíkà wọn sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, débi pé ọmọ lè ka ojú ìwé kan láìwo ìwé. Matthew Arnold, akéwì tí ó tún jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, tako ìlànà náà gidigidi nínú àwọn ìròyìn tí ó ń kọ sí ìjọba. Síbẹ̀, ó tó ọgbọ̀n ọdún ó lé kí wọ́n tó pa á tì pátápátá.

Kí wọ́n tó pa á tì lọ́hùn-ún ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1882, nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso Èkó pọ̀ mọ́ Gólú Kóósì, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan, wọ́n sì yan Metcalfe Sunter ní alábẹ̀wò àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n ya Èkó sọ́tọ̀ ní 1886, òfin mìíràn tẹ̀ lé e ní 1887, tí ó jẹ́ ti Èkó nìkan. Nínú àwọn òfin méjèèjì yìí, èsì ìdánwò jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ohun tí ìjọba ń wò kí ó tó yọ owó ìrànwọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ. Ní 1889, Henry Carr, ọmọ Èkó tí ó kàwé gboyè ní Fourah Bay, di igbákejì alábẹ̀wò. Ọmọ ilẹ̀ wa wá di ọ̀kan nínú àwọn tí ń di òṣùwọ̀n náà mú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òṣùwọ̀n yìí kò lè rí. Ká ní ọmọ méjì dúró níwájú alábẹ̀wò. Èkíní ti mọ ìwé kà láti ilé, nítorí akọ̀wé ni bàbá rẹ̀. Èkejì kò mọ A yàtọ̀ sí B nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń ka gbólóhùn kúkúrú báyìí, bí ó tilẹ̀ ń kọsẹ̀. Èkíní yege, èkejì kùnà. Olùkọ́ gba owó lórí ọmọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ní nǹkan kan, ó sì pàdánù owó lórí ọmọ tí ó gbé láti ìsàlẹ̀. Ibi tí ọmọ dé nìkan ni òṣùwọ̀n náà ń wò; kò wo ibi tí ó ti gbéra. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí arìnrìn-àjò ti gbéra kò lè sọ iye ibùsọ̀ tí ó ti rìn.

Ìyípadà díẹ̀ dé ní 1916, lábẹ́ Lugard. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún náà pín ohun tí wọn yóò máa wò ní ilé-ẹ̀kọ́ sí ọ̀nà mẹ́rin. Nínú 100, wọ́n fi 30 sí ìwà, ìbáwí àti ètò inú ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n fi 20 sí ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́, bóyá wọ́n tó níye, bóyá wọ́n sì mọṣẹ́. Wọ́n fi 40 sí ìdánwò àtìgbàdégbà àti ìtẹ̀síwájú gbogboogbò. Wọ́n fi 10 tí ó kù sí ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjì ni ó ṣe pàtàkì jù nínú òfin yìí, èyíinì ni àtìgbàdégbà àti ìtẹ̀síwájú. Òfin náà gbà pé ọjọ́ kan kò tó láti fi mọ iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ alábẹ̀wò ni ẹ̀rí ṣì wà. Òun ni ó ń wò, òun ni ó ń kọ, òun náà ni ó ń gbé ìwé rẹ̀ lọ. Olùkọ́ ń kọ ìwé ètò iṣẹ́ àti àlàkalẹ̀ ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́, ó ń pe rẹ́jísítà, ṣùgbọ́n nítorí kí ọ̀gá lè fọwọ́ sí i ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé ẹ̀rí ìdàgbàsókè òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kó jọ yẹn.

Ilẹ̀ Kánádà ni èrò náà ti yí padà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ibẹ̀ ń ráhùn pé bí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá dé, ìwé tí a tẹ̀ jáde nìkan ni ìgbìmọ̀ mọ̀ ọ́n kà. Bí wọ́n bá sì wo ìkọ́ni rárá, fọ́ọ̀mù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ máàkì sí ni gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1980, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ilẹ̀ náà tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde, tí Bruce Shore ti Yunifásítì McGill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ. Wọ́n tún un ṣe ní 1986. Ìwé náà to ohun 49 tí olùkọ́ lè yàn lára wọn sílẹ̀, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé yíyàn ni kí ó yàn, kí ó má kó gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò kó ẹ̀rí jọ, tí yóò sì ṣàlàyé rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di 1991, èrò yìí ti dé Amẹ́ríkà, níbi tí Peter Seldin ti kọ ìwé tirẹ̀ lórí fáìlì ẹ̀rí ìkọ́ni. Seldin pín ohun inú fáìlì sí mẹ́ta ní ìbámu pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti wá: ohun tí olùkọ́ sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí àwọn ẹlòmíràn rí, àti ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú jáde nípa ẹ̀kọ́ náà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dá dúró, kò lágbára. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ nìkan, ìyìn ara ẹni ni. Ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ nìkan, a lè pè é ní ojúsàájú. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, a kò mọ ẹni tí ó ni ògo rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan tí a gbé kalẹ̀ fúnra wa ṣàlàyé bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń so kọ́ra. Ká sọ pé olùkọ́ kan ní ẹ̀ka Yorùbá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní àkọtọ́ Yorùbá òde òní, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Akẹ́kọ̀ọ́ 40 ni ó wà ní kíláàsì rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ka àyọkà ojú ìwé kan sí wọn létí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ka àṣìṣe inú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó sì pín wọn sí mẹ́ta: àkọtọ́ àtijọ́, bí àpẹẹrẹ *aiye* dípò *ayé* àti *enia* dípò *ènìyàn*, pínpín ọ̀rọ̀, bí àpẹẹrẹ *gẹ́gẹ́bí* dípò *gẹ́gẹ́ bí*, àti àmì ohùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún kìíní, àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30 ní ìpíndọ́gba nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ 26 nígbà tí wọ́n parí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe fáìlì fún ojú lásán yóò fi èyí pa mọ́. Olùkọ́ wa kò fi pa mọ́, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ti gbéra. Ó rí i pé nínú 26 tí ó kù, 18 ni ó jẹ́ ti àmì ohùn. Ó ti fi gbogbo sáà náà ka òfin àkọtọ́ sí wọn létí, ṣùgbọ́n òfin tí a kà kì í kọ́ etí bí a ti ń gbọ́ ohùn. Ní ọdún kejì, ó yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fún eré dò-re-mí: akẹ́kọ̀ọ́ kan pe ọ̀rọ̀, èkejì fi àmì sí i, wọ́n sì pààrọ̀ ipò. Ní òpin sáà náà, àṣìṣe dín kù láti 31 sí 19, ti àmì ohùn sì di 10. Ṣùgbọ́n ti pínpín ọ̀rọ̀ kò dín kù rárá. Ó tilẹ̀ fi ẹyọ kan lé, láti 5 sí 6. Nítorí náà, ní ọdún kẹta, ó fi eré dò-re-mí sílẹ̀ bí ó ti wà, ó sì fi iṣẹ́ kan kún un: ó ń fún wọn ní ojú ìwé ìròyìn àtijọ́ kí wọ́n fi gègé pín àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n so pọ̀. Lọ́dún yìí, àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ láti 29, ó parí sí 13; ti pínpín ọ̀rọ̀ nìkan dín kù láti 5 sí 2.

Ẹ kíyè sí ohun méjì níbẹ̀. Èkíní, 30, 31, àti 29 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, èyí sì fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kò mọ̀ ju ti ọdún kìíní lọ nígbà tí wọ́n wọlé. Láìsí ìdánwò ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni lè sọ pé àwọn ọmọ tí ó gbọ́n ni ó rí gbà. Èyí gan-an ni ohun tí alábẹ̀wò ayé 1882 kò ní lọ́wọ́. Èkejì, ìdàgbàsókè tí a ń wá wà nínú bí olùkọ́ ṣe rí àléébù, tí ó yí nǹkan kan padà, tí ó dán an wò, tí ó sì tún rí àléébù mìíràn. Bí iye àṣìṣe bá kàn dín kù láìsí ìtàn yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó dàgbà. A kò tíì rí ti olùkọ́.

Àwọn ọ̀fìn kan wà tí ó yẹ kí ó yẹra fún. Bí ó bá ka àyọkà kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, wọ́n lè rántí rẹ̀, a ó sì padà sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń há ìwé sórí. Nítorí náà, àyọkà méjì tí gígùn àti ìṣòro wọn dọ́gba ni ó lò: ìdajì kíláàsì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èkíní, ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èkejì, wọ́n sì pààrọ̀ ní ìparí. Bákan náà, níwọ̀n bí òun fúnra rẹ̀ ti ń ka àṣìṣe, ọwọ́ rẹ̀ lè rọ̀ lórí ìwé ìparí láìmọ̀. Ó fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní ìwé 10 tí ó ti bo orúkọ àti ọjọ́ wọn, kí ó tún un kà, ó sì kọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìṣirò àwọn méjèèjì sínú fáìlì. Nígbà tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sí àfikún, kò yan àwọn tí ó dára jù. Ó mú ti olúkúlùkù ẹni kẹwàá nínú rẹ́jísítà, mẹ́rin lọ́dún, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí pọ̀. Ó sì kọ ìlànà tí ó fi yàn wọ́n sókè ojú ìwé.

Ní ti ohun tí ẹlòmíràn rí, lẹ́tà ìyìn ni ó pọ̀ jù nínú fáìlì wa, kò sì wúlò tó bí a ti rò. Lẹ́tà tí ó sọ pé ọ̀gbẹ́ni yìí múra sí iṣẹ́, ó sì jẹ́ ọmọlúwàbí, lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ìgbìmọ̀ lè fi ṣe. Ohun tí ó wúlò ni ìròyìn ẹlẹgbẹ́ tí ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì ka nǹkan kan tí a lè kà. Bí àpẹẹrẹ, ó lè kọ pé ní ìgbà àkọ́kọ́, olùkọ́ béèrè ìbéèrè 20, òun fúnra rẹ̀ sì dáhùn 14. Nígbà tí òun padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìbéèrè jẹ́ 12, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì dáhùn 10. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò yin ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó fi ìyípadà hàn. Ní ti fọ́ọ̀mù àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí a kọ iye ẹni tí ó dáhùn pẹ̀lú iye ẹni tí ó wà ní kíláàsì. Ìdáhùn 34 nínú 40 ní ìtumọ̀. Ìdáhùn 6 nínú 40, àwọn ọ̀rẹ́ ni.

Báwo ni a ó ṣe tò ó? Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí gbà pé kí àlàyé olùkọ́ fúnra rẹ̀ má ju bí ojú ìwé 8 sí 10 lọ. Ìgbìmọ̀ kì í ka fáìlì tí ó wúwo bí òkúta ọlọ. Wọn a ṣí i láàrin, wọn a sì pa á dé. Kí àlàyé náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí olùkọ́ ń kọ́, àwọn wo ni ó ń kọ́, àti ìṣòro tí ó dojú kọ. Kí ó wá tọ́ka sí àfikún níbi tí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà: Àfikún A, Àfikún B, Àfikún D. (Àwa ẹ̀ka Yorùbá ni a lè tò ó báyìí tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ibi tí lẹ́tà kẹta ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.) Lórí ohun kọ̀ọ̀kan nínú àfikún, kí a lẹ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta mọ́ ọn: kí ni èyí, nígbà wo ni a ṣe é, kí ni ó fi hàn. Ìwé tí a kò bá lè kọ gbólóhùn kẹta yẹn sí, kí a yọ ọ́. Ìwé ẹ̀rí pé a lọ sí àpérò ni yóò kọ́kọ́ jáde, àfi bí a bá lè tọ́ka sí ohun tí a kọ́ níbẹ̀ tí ó sì yí ẹ̀kọ́ wa padà ní ọ̀sẹ̀ báyìí, oṣù báyìí.

Fáìlì tí a sáré kó jọ ní oṣù tí ó ṣáájú ìbéèrè ìgbéga kì í ṣòro láti mọ̀. Àlàkalẹ̀ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta ni a ó rí tí wọ́n mọ́ tónítóní, tí kò sí ìlà kan tí a fà gé, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ kan létí ìwé. Àlàkalẹ̀ tí a lò ní tòótọ́ máa ń ní ọgbẹ́: *èyí kò yé wọn, kí n tún un ṣe lọ́jọ́ Wẹ́sidé*, *àpẹẹrẹ kejì gùn jù*. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí a fi ọjọ́ sí, ẹ̀rí tí ó lágbára ni, a kò sì lè padà sẹ́yìn lọ kọ ọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ fáìlì ní ọjọ́ tí ìgbéga ti ìṣáájú bá jáde.

Ó yẹ kí a sọ ibi tí agbára fáìlì yìí mọ pẹ̀lú. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlànà ìgbéga tirẹ̀, àti iye máàkì tí ó fi sí ìkọ́ni, sí ìwé títẹ̀ jáde, àti sí iṣẹ́ ìgbìmọ̀. Níbi tí ìlànà bá ti béèrè iye àpilẹ̀kọ kan pàtó, fáìlì ìkọ́ni tí ó dára jù lọ kò lè rọ́pò ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Nítorí náà, ìlànà ni kí a kọ́kọ́ kà, kí a sì fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò níbẹ̀ ṣe àkọlé àwọn ìpín inú fáìlì wa, kí ìgbìmọ̀ lè rí ibi tí wọn yóò kọ máàkì sí. Bákan náà, 29 tí ó di 13 kò fi hàn láìsí iyèméjì pé eré dò-re-mí ni ó ṣe é. Ó lè jẹ́ pé olùkọ́ mìíràn ń kọ́ wọn ní ohùn ọ̀rọ̀ lásìkò kan náà. Kí olùkọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àlàyé rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó bi í. Ọ̀mọ̀wé tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ yóò gba ẹni tí ó mọ ààlà ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́ ju ẹni tí ó gbé gbogbo ògo fún ara rẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé wọn wà nínú àfikún. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn tí máàkì wọn bá ti jáde, kí wọ́n má baà rò pé kíkọ̀ wọn yóò nípa lórí èsì wọn. Kí a bo orúkọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, kí a sì fi nọ́ńbà mìíràn rọ́pò, kan náà lórí ìwé ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, kí a lè mọ̀ pé ẹnì kan ni ó kọ méjèèjì. Kí a ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ wa, nítorí èyí tí ó bá ti wọ ọ́fíìsì fún ìgbéga kì í sábà padà wá.